Ìró Pupa Nínú Ewéko: Ohun Tó Ń Jà Nínú Àwòrán Olúmọ Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwòrán. Mo gun Òkè Olúmọ, mo fi pẹ́ńsù ya ohun tí mo rí sínú ìwé, mo wá délé kùn ún sórí kánfáàsì tó fẹ̀ ní 50 sẹ̀ntímítà, tó sì ga ní 40. Ọ̀dà ákírílíìkì ni mo lò. Èmi wà lókè, obìnrin kan tó gbé bàsíà ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ nísàlẹ̀ mi, ìlú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní ó dára, ṣùgbọ́n tí mo bá ń wò ó, ojú mi kì í rí ibi sinmi sí, àwọn àwọ̀ náà sì ń bára wọn jà. Fọ́tò rẹ̀ nìyí. Ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n kùn ún pa kí n bẹ̀rẹ̀ òmíràn?

Ìdáhùn: Ẹ má kùn ún pa, Màmá. Ohun tó ń ṣe àwòrán yìí kò ju iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ méjì lọ, ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín náà sì tó o. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tí ọwọ́ yín ṣe, ó yẹ kí n kọ́kọ́ yọ ohun tí fóònù fi kún un kúrò, kí n má bàa dá yín lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ kò dá.

Ẹ wo etí kánfáàsì nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, níbi tí ọ̀dà kò dé. Kánfáàsì tí a kò tíì kùn sábà máa ń funfun, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò yìí, ó pọ́n bí ògì àgbàdo pupa. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé alẹ́ ni ẹ yà á, lábẹ́ gílóòbù oníná pupa. Gbogbo àwọ̀ inú rẹ̀ ló ti mu nínú iná yẹn: sánmà yín ti ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ, páànù orí ilé sì pọ́n ju bí ẹ ṣe kùn ún lọ. Ọwọ́ òsì mọ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ṣú, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni iná náà wà. Òkè kánfáàsì náà tún há ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé ẹ gbé àwòrán náà ti ògiri, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ kò sì tẹ fóònù bá a. Fún ìdí yìí, mi ò ní sọ nǹkan kan nípa bí igi ọwọ́ ọ̀tún ṣe tẹ̀. Ẹ gbé rúlà lé e lórí kánfáàsì gan-an. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fóònù ló tẹ̀ ẹ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Mo ya àwòrán ọjà kan ní alẹ́, mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ rà á. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní èyí kọ́ ni òun rí nínú fọ́tò, òun fẹ́ èyí tó pọ́n. Látìgbà náà ni mo ti ń ya iṣẹ́ mi ní òwúrọ̀, nínú òjìji ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn kò ti kàn án tààrà àmọ́ tí ojúmọ́ kún. Ẹ gbé àwòrán náà dúró ṣánṣán, kí ojú fóònù ga dọ́gba pẹ̀lú àárín rẹ̀. Ẹ sún sẹ́yìn tó bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ wá tẹ 2x dípò kí ẹ rọ̀ mọ́ ọn, torí pé bí fóònù bá sún mọ́ nǹkan jù, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ẹ pa iná fóònù. Ẹ fi bébà funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ kánfáàsì, kó wà nínú fọ́tò náà: bí bébà bá funfun lójú fóònù, ẹ lè gba àwọ̀ yòókù gbọ́. Bí ògiri tó dojú kọ ibẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí pupa, ẹ wá ibòmíràn, nítorí pé àwọ̀ ògiri máa ń ta sí ara àwòrán. Síbẹ̀ náà, ẹ má gbà gbọ́ pé fóònù á mú aró tó jinlẹ̀ bó ṣe rí. Èmi kò tíì rí èyí tó mú un délẹ̀. Ìdájọ́ àwọ̀, ojú yín ni kó ṣe é, níwájú kánfáàsì.

Ohun kan wà tí fọ́tò burúkú pàápàá lè sọ fún wa, òun sì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni ìjà yẹn ti ń wá.

Ẹ ṣí fọ́tò náà lórí fóònù yín, ẹ wọ ibi àtúnṣe, kí ẹ fa Saturation wálẹ̀ títí àwọ̀ yóò fi tán (ti fóònù mìíràn, Mono ni wọ́n ń pè é). Yóò wá dà bí fọ́tò ayé àtijọ́, funfun, eérú àti dúdú. Ẹ wá wá obìnrin yín. Orí rẹ̀ wà níbẹ̀, bùbá rẹ̀ funfun, ó hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, kò sí mọ́! Ìró pupa yẹn àti ewéko tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti di eérú kan náà, ẹ kò lè fi ìka tọ́ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dá àwọ̀ padà, ẹ ó rí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ẹ ó tún rí i pé ààlà àwọn méjèèjì ń gbọ̀n.

Ohun tó ń fà á nìyí. Pupa àti àwọ̀ ewé dojú kọ ara wọn nínú agbo àwọ̀, kò sí àwọ̀ tó jìnnà sí pupa ju àwọ̀ ewé lọ. Bí ẹ bá fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, olúkúlùkù á mú kí ẹnìkejì dà bí ẹni pé ó mú sí i. Ìyẹn dára, ohun tí oníṣòwò aṣọ ń lò nìyẹn. Àmọ́ bí ìmọ́lẹ̀ inú wọn bá tún dọ́gba, ojú kò ní rí nǹkan kan dì mú ní ààlà wọn. Àwọ̀ ń sọ pé nǹkan méjì ni wọ́n, ìmọ́lẹ̀ ń sọ pé ọ̀kan ni. Ohun tí ẹ pè ní ìjà nìyẹn, kì í ṣe pé pupa àti àwọ̀ ewé kò gbọdọ̀ pàdé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló máa ń sáré yí àwọ̀ padà, wọ́n á sọ ìró di búlúù, wọ́n á sọ ọ́ di àlùkò, ìjà á sì máa bá wọn lọ, torí ìmọ́lẹ̀ ni wọn kò yí.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí mò ń kọ́ ni pé kí wọ́n lo orúkọ àwọ̀ mẹ́ta tí àwọn àgbà wa ń lò: funfun, pupa, dúdú. Ẹ mọ̀ pé aṣọ aró tó gbó dáadáa, dúdú ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ igi tí ewé rẹ̀ yọ̀ náà, dúdú ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kì í sì ṣe pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyìí ń wo bí nǹkan ṣe mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn tó kó tó béèrè orúkọ àwọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ mú bébà kékeré tó tó páálí ìṣáná, ẹ pín àwòrán yín sí mẹ́ta péré: ibi tó jẹ́ funfun, ibi tó wà láàárín, ibi tó jẹ́ dúdú. Nínú tiyín báyìí, sánmà wà láàárín, òrùlé wà láàárín, ewéko wà láàárín, ìró wà láàárín, àpáta náà wà láàárín. Bùbá obìnrin àti ilé ìsìn funfun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló jẹ́ funfun. Dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Bí gbogbo ènìyàn inú yàrá bá ń sọ̀rọ̀ ní ohùn kan náà, ta ni ẹ fẹ́ gbọ́?

Èwo ni ká wá yí padà? Ẹ fi ìró sílẹ̀. Pupa yẹn ni ohun tó dùn jù nínú àwòrán náà, ẹ sì ya ìṣẹ́po rẹ̀ dáadáa. Ewéko ni kẹ́ ẹ tún kùn. Mo rí i pé àwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ jáde tààrà láti inú tíúbù, Tàló Gíríìnì ni mo fura sí, nítorí òun ló sábà máa ń tutù tó sì ń mú báyẹn. Kò sí ewé kankan l'Ábẹ́òkúta tó ní àwọ̀ yẹn. Ẹ po Yẹ́lò Ókà tó pọ̀ mọ́ funfun díẹ̀, kí ẹ wá fi orí búrọ́ọ̀ṣì mú Tàló yẹn bín-ín-tín sí i. Bín-ín-tín ni mo wí o, torí ọ̀dà yẹn lágbára, ìwọ̀n orí ìṣáná lè gba gbogbo àwo. Ohun tí ẹ máa rí ni àwọ̀ ewé tí eruku ẹ̀ẹ̀rùn ti bà lé, tó mọ́lẹ̀, tí kò pariwo. Òun ni kẹ́ ẹ kùn yí ìró ká, pàápàá jù lọ ní ẹ̀gbẹ́ òsì obìnrin náà níbi tí oòrùn ti ń bọ̀. Ẹ ó rí i pé ìró á jáde síta lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá dúdú sínú àwòrán náà. Ẹ má mú ọ̀dà dúdú inú tíúbù. Ẹ ti lò ó nínú ìṣẹ́po ìró àti lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì dà bí ihò tí wọ́n fi àbẹ́là jó, kì í ṣe bí òjìji. Òjìji níta gbangba ní àwọ̀ tirẹ̀, torí sánmà ń tàn sínú rẹ̀. Ẹ po Ọ́tíramáríìnì mọ́ Bọ́ọ̀ntì Sìẹ́nà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì sí ìdajì. Á ṣókùnkùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dúdú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi funfun díẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ẹ ó rí bóyá aró ló ṣẹ́gun ni tàbí pupa ilẹ̀, ẹ ó wá fi èyí tó kù díẹ̀ káàtó kún un. Èyí tí aró rẹ̀ pọ̀, ẹ lò ó sí òjìji àpáta. Èyí tó pọ́n díẹ̀, ẹ lò ó sí ìṣẹ́po ìró. Ẹ fi ti aró bo ìsàlẹ̀ igi ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú, kó ṣókùnkùn dáadáa. Ibẹ̀ ni dúdú yín máa jókòó sí, á sì dà bí ògiri tó ń dá ojú padà sọ́dọ̀ obìnrin náà.

Ìtò àwòrán ló kù. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀, àmọ́ èyí tó wúwo jù ni ibi tí sánmà ti pàdé ilẹ̀.

Ẹ fa ìlà yẹn sí ìdajì gan-an, 20 sẹ̀ntímítà lókè, 20 nísàlẹ̀, orí bàsíà obìnrin náà sì kàn án wẹ́rẹ́. Kò bò ó, kò sì jìnnà sí i, ó kàn án ni. Ojú kò wá mọ̀ bóyá bàsíà ló gbé ìlú ni àbí ìlú ló jókòó sórí bàsíà. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ má fi ìlà sí àárín rárá torí òfin. Èmi kò ka àárín sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àwòrán yìí ó lòdì sí ohun tí ẹ sọ fún mi pé ẹ rí. Ẹ ní ẹ wà lókè, obìnrin náà ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ìlà ibi tí sánmà ti pàdé ilẹ̀ kì í kúrò ní ìwọ̀n gíga ojú ẹni tó ń wò. Bí ẹ bá dúró lórí ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú ẹni tó ga tó yín, ìlà yẹn á gba ojú rẹ̀ kọjá, ì báà jìnnà, ì báà sún mọ́. Bí ẹni náà bá wà nísàlẹ̀ yín, ìlà á ga ju orí rẹ̀ lọ, bó bá sì ṣe jìn sísàlẹ̀ tó ni ìlà á ṣe ga tó. Nítorí náà, bàsíà tó kan ìlà ń sọ fún àwa tó ń wò pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí àtẹ̀gùn kan náà pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tí òrùlé tí ẹ rí ẹ̀yìn wọn ń sọ pé ẹ wà lókè réré. Àìgbà tí ojú kò gbà yẹn wà lára ohun tó ń dà yín láàmú. Ọ̀rọ̀ yìí, bí nǹkan ṣe ń rí láti ibi téèyàn dúró sí, ni wọ́n ń pè ní pàsípẹ́ẹ̀kítífù, òun sì ni Aina Onabolu, olùkọ́ àwòrán, fi gba orúkọ ní Èkó: ó tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Místà Pàsípẹ́ẹ̀kítífù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ gbé ilẹ̀ sókè ní sẹ̀ntímítà 5 wọnú sánmà. Ẹ kun òkè jíjìn àti òrùlé kéékèèké síbẹ̀, kí sánmà ṣẹ́ku 15. Orí obìnrin náà àti bàsíà rẹ̀ á wá wà nínú ìlú pátápátá, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí òrùlé. Gbogbo òrùlé yín, ti ìtòsí àti ti ọ̀nà jíjìn, àwọ̀ páànù tó ti dípẹtà kan náà ni wọ́n ní, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. Ẹ rántí bí ìlú ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́: ilé tó wà nísàlẹ̀ òkè pọ́n, èyí tó jìnnà díẹ̀ ń ṣá, èyí tó jìnnà jù ti di eérú mọ́ sánmà lára. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ ṣì máa ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìpele mẹ́ta tó. Ti ìtòsí, Bọ́ọ̀ntì Sìẹ́nà bó ṣe wà. Ti àárín, ẹ fi funfun àti Ọ́tíramáríìnì díẹ̀ pa á lẹ́nu. Ti ọ̀nà jíjìn, kó jẹ́ funfun àti aró, kí Sìẹ́nà kàn fọwọ́ kàn án lásán. Kí èyí tó jìnnà jù má tóbi ju èékánná ọmọ-ìka lọ. Ẹ mú funfun àti Yẹ́lò Ókà ṣíún lọ sí ìsàlẹ̀ sánmà pẹ̀lú, kó mọ́lẹ̀ níbi tó ti pàdé ilẹ̀. Aró tó mú yẹn, kó dúró lókè.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ilé ìsìn funfun yẹn, tó wà ní sẹ̀ntímítà 3 sí etí òsì. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lórí fọ́tò, kí ẹ wo àwòrán. Ẹ ṣí i, kí ẹ tún wò ó. Ẹ rí i pé ojú ń sáré lọ síbẹ̀? Funfun tó mọ́ jù, tó kan òrùlé tó ṣókùnkùn, tí etí rẹ̀ gún bí abẹ, wà ní ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ẹ má pa á rẹ́, torí ó jẹ́ ara ìlú. Ẹ fi funfun tí a po aró àti Sìẹ́nà sí, tó dà bí eérú iná, kùn ún, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ rọ etí rẹ̀. Bùbá obìnrin náà nìkan á wá kù tó jẹ́ funfun báláú.

Ẹ̀kẹta ni pé obìnrin náà wà ní àárín gbùngbùn, 25 sí ọ̀tún, 25 sí òsì. Ẹ fi í síbẹ̀. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ti ní igi tó ṣókùnkùn, tí ọwọ́ òsì sì ní ìlú tó ṣá, ìhà méjèèjì kò dọ́gba mọ́, àárín kò sì ní dun ojú.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì pé àwọ̀ tí a ń rọ̀ yìí máa pa adùn àwòrán náà, ẹ wá àwòrán Yusuf Grillo wò, ẹni tó ṣaláìsí ní 2021. Búlúù ló gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, búlúù oríṣiríṣi, tó mọ́lẹ̀ àti tó jinlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí nǹkan tó móoru bá yọ díẹ̀ láàárín wọn, ojú rẹ lọ síbẹ̀ kíá. Nínú tiyín, ìró pupa yẹn ni nǹkan tó móoru. Kí gbogbo yòókù dákẹ́ fún un.

Bí iṣẹ́ ṣe máa tò tẹ̀léra wọn nìyí. Sánmà àti ilẹ̀ jíjìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà òrùlé àti ilé ìsìn, kí ẹ tó dé ewéko, kí òjìji gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá lọ láti ọ̀nà jíjìn wá sí ìtòsí, etí ohun tó wà níwájú á máa bo etí ohun tó wà lẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ákírílíìkì máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ bó bá gbẹ, nítorí náà ẹ máa fi àpòpọ̀ kọ̀ọ̀kan kan ẹ̀yìn bébà, ẹ jẹ́ kó gbẹ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó gbé e lọ sórí kánfáàsì. Kí ẹ pò ó kó mọ́lẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ díẹ̀. Kí ẹ sì po èyí tó tó fún gbogbo ibi kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀ kan náà kò rọrùn láti tún pò lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ ya á ní òwúrọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí mo ṣe wí, kí bébà funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi méjì ránṣẹ́ sí mi: ọ̀kan bó ṣe wà, ọ̀kan tí ẹ ti fa àwọ̀ rẹ̀ tán. Ìkejì ni màá kọ́kọ́ ṣí, màá sì wò ó bóyá màá rí obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀.